Iṣẹ́ wo ló fara pamọ́ sínú ọ̀rọ̀ ọ̀gá mi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ọ̀sẹ̀ kejì mi rèé lẹ́nu iṣẹ́ tuntun. Ọ̀gá mi kọ ọ̀rọ̀ tó wà nísàlẹ̀ yìí ránṣẹ́ sí mi láàárọ̀ Ajé. Kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí n kò lè kà, síbẹ̀ n kò mọ ohun tí wọ́n ní kí n ṣe. Mo kàn dáhùn pé ó ti yé mi. Ẹ jọ̀wọ́ mà, báwo ni èèyàn ṣe ń tú irú èdè yìí?

```
Hi, can we touch base before EOD Thursday? I want to
align on the onboarding deck. I don't have much bandwidth
this week, so take a first pass and loop in Finance.
```

Ìdáhùn: Àbúrò mi, kú oríire iṣẹ́ tuntun. O ṣeun tí o da ọ̀rọ̀ náà kọ bó ṣe wà gan-an, torí pé inú ìlà mẹ́ta yẹn ni gbogbo ìdáhùn mi wà. Ó ti tó ọdún 18 tí mo ti ń gba òṣìṣẹ́ tuntun wọlé, tí mo sì ń jókòó tì wọ́n ní oṣù àkọ́kọ́. Àwọn tí mo rí tó kọsẹ̀ kì í ṣe àwọn tí kò gbọ́ èdè. Wọ́n gbọ́ ọ dáadáa. Wọ́n wá ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n rí i, síbẹ̀ wọ́n lọ ṣe iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ wọ́n. Ìtumọ̀ tí wọ́n rí kò sọ ẹni tí yóò ṣe é, kò sọ ìgbà, kò sì sọ bí nǹkan náà yóò ṣe rí nígbà tó bá parí.

Nítorí náà, kí o tó wá ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kankan, wá àṣẹ. Mú bírò, kí o fa ìlà sábẹ́ gbogbo ibi tí ọ̀gá ti ní kí o ṣe nǹkan. Nínú ọ̀rọ̀ tìrẹ, méjì péré ni, inú ìlà tó kẹ́yìn ni àwọn méjèèjì sì wà: kí o ṣe fọ́ọ̀sì páàsì, kí o sì fi àwọn ẹ̀ka ìṣúná sí i. Ìbéèrè ló fi bẹ̀rẹ̀, ó wá sọ ohun tó ń fẹ́, ó sọ bí ara òun ṣe rí lọ́sẹ̀ yìí, lẹ́yìn náà ló tó bọ́ sórí iṣẹ́. Bí àwọn ọ̀gá ṣe máa ń kọ̀wé nìyẹn nígbà tí wọn kò bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ wọn le létí. Ẹni tó bá kà á láti òkè wá sísàlẹ̀ yóò rò pé ìpàdé ni wọ́n pe òun sí. Ẹni tó bá wá àṣẹ yóò rí i pé iṣẹ́ ni wọ́n gbé fún òun, pé ìpàdé náà sì jẹ́ ibi tí wọ́n ti fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò.

Fọ́ọ̀sì páàsì ni iṣẹ́ náà. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé kí o kọ́kọ́ fọwọ́ bà á lápapọ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, láìdúró tún ibì kankan ṣe. Gbogbo ojú ewé gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kódà bí òmíràn bá jẹ́ àkọlé nìkan tí o kọ ìlà kan sábẹ́ rẹ̀ pé ohun báyìí báyìí ni yóò wà níbí. Ọ̀nà méjì ni àwọn tuntun máa ń gbà ṣì í ṣe. Àwọn kan á fi ọjọ́ mẹ́ta ṣe ojú ewé méjì lọ́ṣọ̀ọ́, ìyókù á ṣófo. Àwọn mìíràn á dúró de ọ̀gá kí ó wá sọ bí yóò ṣe rí, wọn á sì wọ ìpàdé lọ́wọ́ òfo. Ọ̀gá tó ní kí o ṣe fọ́ọ̀sì páàsì fẹ́ nǹkan tí òun lè fi bírò gún. Bí kò bá sí nǹkan tí bírò lè gún, o kò tíì ṣe é.

Dẹ́ẹ̀kì kò ní wàhálà nínú. Àwọn ojú ewé tí wọ́n máa ń gbé sára ògiri nígbà ìpàdé ni, irú èyí tí wọ́n ń fi PowerPoint ṣe.

Ọ̀rọ̀ tó lè pa ọ́ lára níbẹ̀ ni ọnbọ́ọ̀dìn, mo sì fẹ́ kí o dúró síbẹ̀ pẹ̀lú mi díẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ní ìpìlẹ̀ ni kí a gba èèyàn sínú ọkọ̀, kí a fi ibi ìjókòó hàn án, kí ó mọ ibi tí nǹkan wà. Ìwọ alára ni wọ́n ń ṣe ọnbọ́ọ̀dìn fún lọ́wọ́lọ́wọ́: wọ́n fún ọ ní kọ̀ǹpútà, wọ́n fún ọ ní ọ̀rọ̀ aṣínà, wọ́n mú ọ yí ká. Nítorí náà, bí o ti rí ọ̀rọ̀ náà, ọkàn rẹ á sọ pé dẹ́ẹ̀kì àwọn òṣìṣẹ́ tuntun ni. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ tún ń lo ọ̀rọ̀ kan náà fún oníbàárà tuntun. Ní báńkì, ọnbọ́ọ̀dìn oníbàárà ni gbogbo ìgbésẹ̀ láti ìgbà tí ó bá ní òun fẹ́ ṣí àkáǹtì títí dé ìgbà tí wọ́n bá yẹ ìdánimọ̀ rẹ̀ wò tán tí ó sì lè lo owó rẹ̀. Ní iléeṣẹ́ tó ń ṣe áàpù, ohun tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba áàpù náà sórí fóònù ń rí ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ni. Àwọn kan tún ń lò ó fún ẹni tí wọ́n ń ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀, nígbà tí wọ́n bá ń kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé wọn kí wọ́n tó lè sanwó fún un. Ọ̀rọ̀ kan, iṣẹ́ mẹ́rin. Bí o bá ṣe dẹ́ẹ̀kì àwọn òṣìṣẹ́ nígbà tí ọ̀gá ń retí ti oníbàárà, ọjọ́ mẹ́ta ti lọ nìyẹn.

Báwo ni o ṣe máa mọ èyí tó jẹ́ láìbéèrè rárá? Ọ̀rọ̀ náà fún ọ ní ẹ̀rí kan: ẹ̀ka ìṣúná. Kí ni àwọn ẹ̀ka ìṣúná ń wá nínú dẹ́ẹ̀kì tí wọ́n fi ń kí òṣìṣẹ́ tuntun káàbọ̀? Ó ṣeé ṣe kí wọ́n fẹ́ sọ̀rọ̀ owó-oṣù níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò wọ́pọ̀. Bí ó bá jẹ́ ti oníbàárà tàbí ti ẹni tí ẹ ń ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀, nígbà náà ni iye owó, ìwé ìsanwó àti ọjọ́ ìsanwó á wọ inú rẹ̀, ó sì yẹ kí àwọn ìṣúná rí i. Ìyẹn ti gbé òṣùwọ̀n sí apá kan. Lẹ́yìn èyí, wọ fóldà tí ẹ jọ ń lò, kí o wá ọ̀rọ̀ náà níbẹ̀. Bí o bá rí fáìlì tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ `Onboarding_v2.pptx`, ṣí i, kí o wo ojú ewé àkọ́kọ́ nìkan. Ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ni ìdáhùn rẹ. Wo kàlẹ́ńdà ọ̀gá pẹ̀lú, bí wọ́n bá fún ọ láàyè láti rí i. Bí ìpàdé oníbàárà kan bá wà ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, o ti mọ ohun tí wọ́n ń sáré tọ̀ lọ. Gbogbo èyí kò ní gbà ju ìṣẹ́jú 20 lọ. Bí ó bá ti kọjá ìṣẹ́jú 20 tí kò tíì yé ọ, dákẹ́ ìwádìí, kí o lọ béèrè. Mo máa sọ bí o ṣe máa béèrè láìpẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ̀rọ̀ báńdíwíìtì, nítorí ọ̀rọ̀ yìí ní ojú púpọ̀ ju bí ó ṣe wà nínú ìwé lọ. Ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ rédíò ni ó ti wá. Ìgbì rédíò kò lè gba ibi gbogbo kọjá lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní ààlà òkè, ó ní ààlà ìsàlẹ̀, àlàfo tó wà láàárín méjèèjì ni báńdíwíìtì, hẹ́ẹ̀tìsì sì ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Àwọn oníkọ̀ǹpútà wá mú un, wọ́n ń fi sọ bí dátà tó lè gba ojú ọ̀nà kan kọjá láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣe pọ̀ tó. Láti ọ̀dọ̀ wọn ló ti bọ́ sẹ́nu àwọn òṣìṣẹ́, tí wọ́n wá ń fi sọ bí ọwọ́ wọn ṣe dí tó. Tí ọ̀gá bá ní báńdíwíìtì òun kò tó, ohun tí Yorùbá á sọ ni pé ọwọ́ òun dí, tàbí pé ọkàn òun kò ráyè. Méjèèjì ló wà nínú rẹ̀. Èèyàn lè jókòó lásán kí ọkàn rẹ̀ má ráyè.

Nígbà tí ẹlòmíràn bá sọ fún ọ pé òun kò ní báńdíwíìtì, ohun mẹ́ta ló lè máa sọ. Ó lè jẹ́ òótọ́ pọ́nbélé pé ọjọ́ rẹ̀ ti kún. Ó lè jẹ́ pé ó ń gbé iṣẹ́ náà lé ọ lọ́wọ́, pé kí o má ṣe máa kó ọ̀rọ̀ kékeré wá bá òun. Ó sì lè jẹ́ pé ó ń kọ̀ ni, ó kàn ń fi ọ̀wọ̀ kọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ohùn kan náà, ojú kan náà. Ohun tí mo fi ń mọ ìyàtọ̀ wọn ni èyí tó bá tẹ̀ lé e. Bí ẹni náà bá fi ọjọ́ kan sí i, tó ní kí o wá lọ́jọ́ Ẹtì, ọwọ́ rẹ̀ dí lóòótọ́, yóò sì dá ọ lóhùn lọ́jọ́ náà. Bí ó bá fi iṣẹ́ sí i, tó ní kí o ṣe báyìí báyìí, ó ti gbé e lé ọ lọ́wọ́ nìyẹn. Bí kò bá sí nǹkan kan tó tẹ̀ lé e, tí gbólóhùn náà parí síbẹ̀, ó ti kọ̀. Má dúró dè é. Wá ẹlòmíràn, tàbí kí o sọ fún ẹni tó rán ọ pé kò ṣeé ṣe níbẹ̀.

Wo tìrẹ báyìí. Kí ló tẹ̀ lé báńdíwíìtì? Àṣẹ méjì yẹn ni. Ó túmọ̀ sí pé ọ̀gá rẹ fẹ́ kí o dá ìpinnu kéékèèké ṣe fúnra rẹ títí di Ọjọ́bọ̀: àwọ̀ wo, ojú ewé mélòó, èwo ni yóò kọ́kọ́ wá. Bí o bá fi ìbéèrè mẹ́jọ ránṣẹ́ sí i lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ohun tó bẹ̀ ọ́ pé kí o má ṣe gan-an ni o ṣe. Bí o bá sì dákẹ́ pátápátá nítorí pé ó ní ọwọ́ òun dí, o tún ti ṣì í gbọ́. Ìbéèrè kan tó lè yí gbogbo iṣẹ́ náà padà, irú bíi pé dẹ́ẹ̀kì ta ni, òun gan-an ni yóò fẹ́ kí o bi òun.

Nǹkan kan wà tí mo máa ń rántí nípa báńdíwíìtì, tí mo sì ń sọ fún àwọn tí mo bá kọ́. Ní 1948, Claude Shannon, tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá ìwádìí Bell nílẹ̀ Amẹ́ríkà, fi ìṣirò hàn pé iye ọ̀rọ̀ tó lè gba ojú ọ̀nà kan kọjá láìbàjẹ́ kò dúró lórí bí ọ̀nà náà ṣe fẹ̀ tó nìkan. Ó tún dúró lórí ariwo tó wà lójú ọ̀nà: bí ariwo bá dín kù, ọ̀rọ̀ púpọ̀ á kọjá lójú ọ̀nà kan náà tí kò fẹ̀ sí i. O kò lè fẹ ọ̀nà ọ̀gá rẹ. Ṣùgbọ́n o lè dín ariwo kù nínú ohun tí o ń fi ránṣẹ́ sí i. Ímeèlì tó ní ìtàn ìlà mẹ́sàn-án kí ìbéèrè tó yọjú á jókòó di ọjọ́ kejì. Ìlà kan tó ní ìbéèrè kan àti ìdáhùn méjì tó lè mú nínú wọn, yóò dá ọ lóhùn nígbà tó bá ń rìn lọ sí ìpàdé mìíràn.

Nígbà tí wọ́n bá wá dojú ọ̀rọ̀ náà kọ ìwọ, tí ẹnìkan bá bi ọ́ bóyá o ní báńdíwíìtì, mọ̀ pé iṣẹ́ ni wọ́n ń gbé bọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá kò dára níbẹ̀. Sọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ àti iye wákàtí tó kù: dẹ́ẹ̀kì ọ̀gá ló wà lọ́wọ́ mi títí di Ọjọ́bọ̀, mo ní wákàtí mẹ́ta lọ́jọ́ Ẹtì, ṣé ó tó? Bí wọ́n bá ní kò tó, bi wọ́n èwo ni kí o gbé sílẹ̀, kí o sì jẹ́ kí ẹni tó ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ gbọ́ sí i. Ọmọ tuntun kì í fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀. Mo ti rí èyí tó gba iṣẹ́ mẹ́rin lọ́wọ́ ẹni mẹ́rin ní ọ̀sẹ̀ kan, tí kò sì parí ìkankan, nítorí pé gbogbo ìgbà tí wọ́n bi í ló ní òun ní àyè.

Tọ́ṣì béésì wá ńkọ́? Inú eré béésíbọ́ọ̀lù ló ti jáde. Ẹni tó bá ń sáré yí pápá ká gbọ́dọ̀ fi ara kan béésì kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá fò ọ̀kan, ẹgbẹ́ kejì lè pè é lẹ́jọ́, wọn á sì yọ ọ́. Ó kan án, ó sì ń sáré lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ìpàdé náà ṣe rí: kí ẹ fojú kan ara yín, kí olúkúlùkù gbọ́ ibi tí iṣẹ́ dé, kí ẹ tú ká. Ìṣẹ́jú 15 máa ń tó. Kì í ṣe ibi tí a ti ń fi wákàtí kan ṣàlàyé. Ọ̀gá fi ìbéèrè gbé e kalẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ ni yóò wá àyè sí i lórí kàlẹ́ńdà, nítorí pé òun ló ní ọwọ́ òun dí. Òṣìṣẹ́ tuntun máa ń dúró kí ọ̀gá pè é, ọ̀gá náà á máa dúró dè é, Ọjọ́bọ̀ á sì kọjá.

Àláyìn tó wà níbẹ̀ túmọ̀ sí kí ẹ fohùn ṣọ̀kan. Ọ̀gá tó bá lo ọ̀rọ̀ yìí sábà máa ń ní èrò kan lọ́kàn tẹ́lẹ̀. Múra láti gbọ́ èrò náà kí o tó gbèjà tìrẹ.

EOD ni mo fẹ́ kìlọ̀ fún ọ nípa rẹ̀, nítorí pé ó ti jẹ mí níyà rí. Òpin ọjọ́ ni ó túmọ̀ sí, àmọ́ ọjọ́ ta ni? Ní ọdún kejì tí mo wọṣẹ́, ní iléeṣẹ́ kan tí mo ti fi sílẹ̀ tipẹ́, wọ́n ní kí n fi ìwé owó-oṣù ránṣẹ́ EOD. Mo jókòó tì í, mo yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì, mo fi í ránṣẹ́ ní aago 11 alẹ́, inú mi sì dùn pé ọjọ́ kò tíì parí. Ẹni tó ń dúró dè é ti lọ sílé láti aago 5. Aago 4 ni báńkì ti tilẹ̀kùn ìwé tí wọ́n máa ń gbà lọ́jọ́ náà. Owó àwọn èèyàn tí kò ṣẹ̀ wá pẹ́ ọjọ́ kan, àwọn kan nínú wọn ní gbèsè láti san láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó sì dùn mí di òní. Ní ọ̀pọ̀ ibi, EOD ni ìgbà tí ẹni tó fẹ́ gbà á bá ń kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Bí ọ̀gá rẹ bá wà ní ìlú tí aago wọn fi wákàtí márùn-ún wà lẹ́yìn tiyín, aago 5 rẹ̀ ni aago 10 alẹ́ rẹ. Bí aago wọn bá sì ṣáájú tiyín, ọjọ́ rẹ̀ lè ti parí kí o tó jẹun ọ̀sán. Má fi EOD sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ láé. Sọ ọ́ di aago tó ní nọ́ńbà, kí o sì kọ ọ́ padà sí wọn.

Ó ku lúùpù ín, pé kí o fi ẹ̀ka ìṣúná sí i. Ohun tí o nílò láti mọ̀ ni bóyá wọ́n kàn fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ni, àbí wọ́n fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ sí i. Bí ó bá jẹ́ kí wọ́n gbọ́, o kàn máa fi orúkọ wọn sí àyè `Cc` ni, kò sì sí ohun tí o ń retí lọ́wọ́ wọn. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí iye owó tó wà níbẹ̀, àyè `To` ni orúkọ wọn máa wà, pẹ̀lú ìbéèrè kan pàtó àti ọjọ́ tí o fẹ́ ìdáhùn. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà ní `Cc` kì í rò pé òun ní iṣẹ́ láti ṣe. Mo ti rí iṣẹ́ tó dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì nítorí pé ẹni tí gbogbo wọn ń dúró dè kò mọ̀ pé òun ni wọ́n ń dúró dè.

Ní báyìí tí a ti tú gbogbo rẹ̀, wo ohun tí o máa kọ ránṣẹ́ sí ọ̀gá. O ti ní ó ti yé ọ, kò burú, kò pọn dandan kí o tọrọ àforíjì. Kọ ọ́ ní èdè tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, àmọ́ kí ó rí báyìí:

"Ẹ kú iṣẹ́ mà. Mo ti bẹ̀rẹ̀ lórí dẹ́ẹ̀kì náà. Mo gbà pé ti àwọn oníbàárà tuntun ni, mo sì ń ṣe é láti orí `Onboarding_v2.pptx`. Ẹ máa rí gbogbo rẹ̀ nínú fóldà ní aago 12 ọ̀sán Ọjọ́rú. Mo ti fi ìṣẹ́jú 15 sí kàlẹ́ńdà yín ní aago 3 Ọjọ́bọ̀. Màá bi àwọn ẹ̀ka ìṣúná kí wọ́n bá mi yẹ iye owó tó wà níbẹ̀ wò kí ó tó di ìgbà náà. Bí ó bá jẹ́ ti àwọn òṣìṣẹ́ tuntun ni ẹ ní lọ́kàn, ẹ jọ̀wọ́ ẹ jẹ́ kí n gbọ́ lónìí."

Wo ohun tí ọ̀rọ̀ yìí ṣe. O kò bi í ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kankan. Ìbéèrè pé kí ni ọnbọ́ọ̀dìn á mú kí ó ṣàlàyé ohun tí o ti mọ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, o gbé ohun tí o gbọ́ síwájú rẹ̀, o jẹ́ kí ó tún un ṣe níbi tó bá ti wọ́. Ó rọrùn fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dí láti sọ pé rárá, ti òṣìṣẹ́ ni, ju kí ó bẹ̀rẹ̀ àlàyé lọ. Bí kò bá dáhùn rárá, ìwé rẹ wà níbẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì sì mọ ohun tí o ń ṣe.

Mo mọ̀ pé ojú máa ń ti èèyàn láti béèrè. Àwọn olùwádìí méjì, Vernon Miller àti Fredric Jablin, kọ̀wé ní 1991 lórí bí ẹni tuntun ṣe ń wá ọ̀rọ̀ níbi iṣẹ́, wọ́n sì to ọ̀nà méje kalẹ̀. Kí èèyàn béèrè gbangba jẹ́ ọ̀kan péré nínú wọn. Àwọn yòókù ni bíi kí o dá ọgbọ́n béèrè, kí o bi ẹlòmíràn, kí o máa wò, kí o ṣe nǹkan kan láti wo bí wọ́n ṣe máa ṣe sí ọ. Ìtìjú ló ń mú èèyàn sá fún ti àkọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn yòókù. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí o pín in: ìtumọ̀ ọ̀rọ̀, bi ẹni tí ẹ jọ wà ní ipò kan náà, tó ti lò ju ọdún kan lọ níbẹ̀. Iṣẹ́, ìgbà àti ẹni tó máa fọwọ́ sí i, bi ọ̀gá fúnra rẹ̀, torí pé ẹlòmíràn lè ṣì ọ́ lọ́nà.

Ra ìwé kékeré kan. Bí o bá gbọ́ ọ̀rọ̀ tí kò yé ọ, kọ gbólóhùn náà lódindi, kọ ẹni tó sọ ọ́, kí o sì fi àyè sílẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, padà kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àyè náà. Ibẹ̀ ni ìtumọ̀ gidi wà. Mú `circle back` gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, tí wọ́n fi ń sọ pé a ó padà sórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹnìkan lè sọ ọ́ kí ó sì padà wá ní ọjọ́ méjì. Ẹlòmíràn á sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta ní oṣù kan, kò sì ní padà wá rárá. Lẹ́nu tirẹ̀, ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí pé òun kò fẹ́. Kò sí ìwé atúmọ̀ èdè tó lè sọ ìyẹn fún ọ. Ẹnu tí ọ̀rọ̀ ti jáde ni kí o máa kọ.

Ìlú àti ẹ̀ka tí ọ̀rọ̀ ti jáde náà ṣe pàtàkì. Churchill, tó jẹ́ olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, kọ ọ́ lẹ́yìn ogun náà pé àríyànjiyàn gígùn bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì àti ti Amẹ́ríkà nítorí ọ̀rọ̀ kan, kí a gbé ọ̀rọ̀ sórí tábìlì. Lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ó túmọ̀ sí kí a jíròrò rẹ̀ kíá. Lọ́dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà, ó túmọ̀ sí kí a gbé e tì fún ìgbà mìíràn. Ohun kan náà ni àwọn méjèèjì ń fẹ́, síbẹ̀ wọ́n ń bá ara wọn jà. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ní ìtumọ̀ méjèèjì títí di òní. Bí iléeṣẹ́ yín bá ní èèyàn ní ìhà méjèèjì, béèrè bóyá òní ni àbí ìgbà mìíràn.

Má sì yára máa fi irú àwọn ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì yìí sọ̀rọ̀. Ní 2020, Zachariah Brown, Eric Anicich àti Adam Galinsky gbé ìwádìí kan jáde tó fi hàn pé àwọn tí ipò wọn rẹlẹ̀ láwùjọ iṣẹ́ ló máa ń lo irú èdè yìí jù, nítorí pé wọ́n ń ṣàníyàn bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń wò wọ́n. Ó bá ohun tí mo ti rí mu. Ẹni tó wà lókè, tí iṣẹ́ yé, sábà máa ń sọ pé kí o fi dẹ́ẹ̀kì náà ránṣẹ́ ní aago 3. Gbọ́ èdè wọn, kí o sì máa fi ọ̀rọ̀ lásán dá wọn lóhùn, pàápàá ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́.

Fi ọ̀rọ̀ tí mo kọ sókè yẹn ránṣẹ́ sí ọ̀gá kí o tó lọ jẹun ọ̀sán. Lẹ́yìn náà, wá orúkọ ẹni tó ń yẹ iye owó wò ní ẹ̀ka ìṣúná, nítorí pé òun náà ní ọ̀sẹ̀ tirẹ̀, bí ó bá sì di Ọjọ́rú kí o tó kàn sí i, ó ṣeé ṣe kí ó sọ fún ọ pé òun kò ní báńdíwíìtì, kí gbólóhùn náà sì parí síbẹ̀.